Yìftáh Alláh: Bí A Ṣe Ń Nájà Ní Káírò Láì Bí Ọlọ́jà Nínú

Ọkùnrin náà kò bú mi, kò sì pariwo. Ó kàn gba gàlàbíyà náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ó ká apá rẹ̀ méjèèjì sínú, ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé tíì rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjà Háàn el-Halílì ni, láàárín ìlú Káírò ní Íjíbítì. Ohun tí mo sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo na aṣọ náà sójú ìmọ́lẹ̀, mo ní “Míṣ kuwáyyìs,” ìyẹn ni pé kò dára. Mo rò pé mo ń nájà ni. Bó bá jẹ́ níwájú aláṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn, n óò ní aṣọ yìí ò kúkú nípọn, aró rẹ̀ á ṣí. Òun náà á ní irọ́ ni mo ń pa, a ó jọ rẹ́rìn-ín, owó á sì máa wálẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin kan tó ń kàwé ní Al-Ásíhárì ló mú mi lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Ó rọra fà mí kúrò lẹ́nu ìsọ̀ náà, kò sì sọ nǹkan kan títí a fi yà kọ́ọ̀nà. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó ni kí ẹ máa bá jà. Ẹ má bá aṣọ jà.” Ó ṣàlàyé pé lójú ọlọ́jà ibẹ̀, ọjà òun àti orúkọ òun kò yàtọ̀. Ẹni tó bá ní ọjà kò dára ti sọ pé ẹni tó pàtẹ rẹ̀ kò níyì. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń wo gbogbo gbólóhùn tí mo kọ́ lẹ́yìn náà, mo sì rí i pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń rà á gbé ẹ̀bi wíwọ́n ọjà lé àpò ara rẹ̀, tàbí kí ó gbé ìpinnu lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ gbé e lé ọjà tàbí ọlọ́jà lórí.

Ọjà náà ti pẹ́. Ìjòyè ogun kan láyé àwọn Mámlúùkù, Jàhákásì el-Halílì, ló kọ́ ilé ńlá kan síbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ní nǹkan bí ọdún 1382, orúkọ rẹ̀ ni ọjà sì ń jẹ́ títí di òní. Mọ́sáláṣí Húsáyínì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Al-Ásíhárì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 970, wà ní òdìkejì títì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa tó ń kàwé níbẹ̀ fi mọ ọjà náà bí ẹni mọ àgbàlá ilé bàbá rẹ̀.

Nínájà níbẹ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1836, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Ẹ́dúwọ́ọ̀dù Léènì tẹ ìwé jáde nípa ìgbé ayé àwọn ará Íjíbítì. Ó sọ níbẹ̀ pé ọlọ́jà máa ń pe iye tó ju èyí tó ń retí lọ, oníbàárà á ná an ní ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọlọ́jà á kọ̀, á sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, oníbàárà á fi kún un, wọn á sì pàdé láàárín. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí. Ìṣirò yẹn kò lè ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ra iṣu rí ní Bódìjà. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbé e jáde lẹ́nu ló yẹ kí a kọ́.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan lórí bí mo ṣe kọ àwọn gbólóhùn náà sílẹ̀. Èdè Lárúbáwá ní ìró ọ̀fun tí àwa kò ní. H tó wà nínú “àhìr” máa ń ha ọ̀fun, g tó wà nínú “gáàlì” sì máa ń kùn bí ìgbà tí èèyàn ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun. Bí ìró náà kò bá jáde dáadáa, ọlọ́jà Káírò á gbọ́ ọ síbẹ̀, inú rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́ sí ìyẹn rárá.

Ìkíni ló kọ́kọ́ wá. “Àsàlámù àláékúm” dára, ẹni gbogbo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà mìíràn jẹ́ Kírísítẹ́nì àwọn Kóbítì, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń fín àgbélébùú kékeré sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. “Sàbáàh el-héèr” láàárọ̀ tàbí “Mìsáà el-héèr” láṣàálẹ́ bá Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì mu. Kí a tó béèrè iye owó, ẹ jẹ́ kí ó dáhùn ná. Ẹni tó bá wọlé, tó nawọ́ sí ọjà, tó sì béèrè owó láì kí ni ti sọ ara rẹ̀ di aláìlẹ́kọ̀ọ́ kí nínájà tó bẹ̀rẹ̀. Èyí kò lè ṣàjèjì sí Yorùbá.

Lẹ́yìn ìkíni ni orúkọ tí a ó fi pè é. Àwa ní “ẹ” fún àgbà, “o” fún ọmọdé. Wọ́n ní “ínta” fún “ìwọ”, ṣùgbọ́n fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, “hádritàk” ni, “hádritìk” bó bá jẹ́ obìnrin. Fún àgbàlagbà, “yà hágg” ló dára jù, “yà hággà” fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú Alájì àti Alájà tiwa ni, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn kò di dandan kí ẹni náà ti dé Mẹ́kà. Ewú orí rẹ̀ tó. Nílé wa, ẹni tí a bá pè ní Alájì tí kò tíì lọ lè ní òun kò tíì lọ. Níbẹ̀, ó jẹ́ orúkọ ìbọ̀wọ̀ fún gbogbo àgbà.

Ìbéèrè owó wá kúrú: “Bikáàm dá?” Èló ni èyí? Bí ohun tí a fọwọ́ sí bá jẹ́ ohun tí èdè wọn kà sí abo, bíi gàlàbíyà, “dí” ni a ó fi rọ́pò “dá”. Àṣìṣe níbẹ̀ kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Gìnéè ni wọn yóò fi dáhùn. Ìyẹn ni orúkọ tí wọ́n ń pe pọ́n-ùn wọn, láti ara owó wúrà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní gínì. Gẹ̀ẹ́sì sì fi orúkọ náà pe owó yẹn nítorí pé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí, tí wọ́n ń pè ní Gínì, ni wúrà rẹ̀ ti wá. Bí wọ́n bá kọ iye sára ọjà, ẹ ṣọ́ra fún òǹkà wọn. Àmì márùn-ún wọn rí roboto bí òdo tiwa, òdo wọn sì jẹ́ ẹyọ tóótó kan ṣoṣo. Èèyàn lè rò pé òdo lòun rí, kí ó jẹ́ márùn-ún ni.

Nígbà tó bá wá dárúkọ owó tó ga, ibẹ̀ ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tó ṣe pàtàkì ti wúlò. Èèyàn lè ní “Gáàlì,” ó wọ́n. Kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n ó gbẹ lẹ́nu. Ẹ fi “álàyyà ṣuwáyyà” kún un: “Gáàlì álàyyà ṣuwáyyà.” Ó wọ́n díẹ̀ fún mi. “Álàyyà” yẹn, “lórí mi”, ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kò sọ pé iye náà burú, àpò mi ni kò ká a. Ọlọ́jà kò ní láti gbèjà ohunkóhun, ó sì lè sọ owó kalẹ̀ láì dà bí ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀bẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e ni “Ráìnì ṣuwáyyà.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó gba tèmi rò díẹ̀, bí àwa ṣe máa ń ní “ẹ ro ti wa náà mọ́ ọn”. Bí a bá fẹ́ dárúkọ iye tiwa, kí a má ṣe ju òǹkà sílẹ̀ lásán. “Yínfàà bi” ni ká fi ṣíwájú rẹ̀: ṣé ó lè ṣeé ṣe ní báyìí? Ìbéèrè ni, kì í ṣe àṣẹ, ó sì fún un láyè láti kọ̀.

Bí ó bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ “Yìftáh Alláh.” Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá ilé kéú á mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà. Àjèjì á rò pé àdúrà ni wọ́n ṣe fún òun, á sì máa ṣe àmín. Àdúrà náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n “rárá” ló wà nínú rẹ̀. Ọlọ́jà ń sọ pé iye yìí kò gbà, kí Ọlọ́run mú èyí tó gbà wá fún èmi àti ìwọ. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí pé ó kọ iye náà láì kọ ẹni tó dá a. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ bínú, kò sì yẹ kí ó tún iye kan náà dá. Kí ó fi díẹ̀ kún un, tàbí kí ó dúpẹ́ kí ó máa lọ. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti parí ni ọwọ́ ọlọ́jà. Bó bá ní “Yìftáh Alláh” tí ọjà sì wà nílẹ̀ níwájú wa, àyè ṣì wà. Bó bá ń ká a bí ó ṣe ń sọ ọ́, iye tí a dá ti wọ inú owó tó fi rà á.

Ìró kan tún wà tí ó lè dá ìjà sílẹ̀, ó sì jẹ́ àwa ni yóò bí nínú. Ará Íjíbítì tó bá fẹ́ sọ “rárá” lè má la ẹnu. Á gbé ìpéǹpéjú sókè, á sì fi ahọ́n ta òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan, “tọ́ì”. Létí Yorùbá, òṣé ni, ẹni tó bá sì pòṣé sí oníbàárà ti fi àbùkù kàn án. Níbẹ̀, “rárá” lásán ni. Bákan náà, bó bá kó orí ìka ọwọ́ rẹ̀ márààrún jọ, tó kọjú wọn sókè, tó ń mì wọ́n díẹ̀díẹ̀, “ẹ ní sùúrù” ló ń wí.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu wa rárá. “Kaddáàb” ni òpùrọ́, “harámì” sì ni olè. Mùsùlùmí Yorùbá mọ “háráámù” dáadáa, ó sì lè fẹ́ lò ó láti fi sọ pé owó náà ti pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti olè kò ju fáwẹ́lì kan ní ìparí lọ, etí ọlọ́jà sì lè mú èyí tí a kò sọ. Ẹ fi í sílẹ̀. “Rihíìs” náà, tó túmọ̀ sí pọ́ọ́kú, kò dára láti fi yin ọjà, nítorí pé ó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe èèyàn ní aláìníláárí.

Mo padà sí ìsọ̀ gàlàbíyà náà lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọkùnrin kan náà ló wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Mo ní “Àsàlámù àláékúm, yà hágg.” Ó dáhùn, ó sì ń wò mí. Mo ní “Mà-áléṣ,” mo fọwọ́ ọ̀tún lé àyà. “Mà-áléṣ” ni “ẹ má bínú” wọn, ó sì tún jẹ́ “pẹ̀lẹ́”. Mo ń tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ àná. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ gbé tíì wá. Gbígba tíì kò túmọ̀ sí pé a ti rà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè fọwọ́ lé àyà kí ó ní “Ṣúkràn, Alláh yihallíìk,” Ọlọ́run á dá yín sí, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Èmi mu ún, mo sì ní “Tíslàm ídàk,” kí ọwọ́ yín má ṣàárẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè: “Bikáàm dí, yà hágg?”

“Súttumíyyà.” 600.

“Gáàlì álàyyà ṣuwáyyà. Yínfàà bi rúbumíyyà?” Mo ná an ní 400, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta.

“Yìftáh Alláh,” ni ó wí, ṣùgbọ́n aṣọ ṣì wà lórí pákó. Ó ní 550. Mo ní 450, mo fi “ráìnì” sí i. Ó ta ahọ́n. Mo dákẹ́, òun náà dákẹ́. Ó wá ní “Sallí àlá nnábì,” ṣe àsàlátù fún Ànábì. Àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ máa ń sọ èyí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá há, tàbí tó bá fẹ́ gbóná. Mùsùlùmí kò lè gbọ́ ọ kí ó má dáhùn, mo sì dáhùn bó ṣe yẹ: “Àléèhi ssàláátù wa ssàláàm.” Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àsàlátù kì í fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ líle lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn àwa méjèèjì rẹlẹ̀.

Mo béèrè “Àhìr kàláàm?”, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ńkọ́? Ó ní “Húmsumíyyà,” 500. Ìbéèrè yìí ní ẹrù tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tí wọ́n sì fún un, kò dára kó tún máa gé e sí wẹ́wẹ́. Bó bá gbà, kó sanwó. Bí kò bá gbà, kó dìde. Mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń tà á níbòmíràn, nítorí náà mo ní “Haṣúùf wi árgà lák,” n óò wò yíká, n óò sì padà wá bá yín. Gbólóhùn yìí ni a fi ń jáde láì já ọlọ́jà kulẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí a má padà. Mo kọjá lọ́dọ̀ àwọn aláṣọ mẹ́ta mìíràn. 600 kan náà ni wọ́n pè é, ti méjì kò sì nípọn tó tirẹ̀. Mo padà.

Mo ní 500 ti gbà, ṣùgbọ́n mo nawọ́ sí fìlà funfun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo béèrè bóyá ó lè jẹ́ “fóò el-béà”. “Lórí ọjà” ni ìtumọ̀ rẹ̀, èèní tiwa gan-an ni. Nígbà tí a ti fẹnu kò sórí owó ni ó yẹ kí a béèrè rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ohun kékeré. Ó jù ú sórí gàlàbíyà náà.

Mo mú owó jáde. Ó ní “Hallí álénà,” ẹ fi í sílẹ̀, a ti fún yín. Bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣe tòótọ́ tó, kì í ṣe pé kí a máa gbé ọjà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará Íjíbítì fúnra wọn ní orúkọ fún irú ìpè yìí: ìpè àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹni tó wà lórí odò tó ń pe ẹni tó wà létí odò wá jẹun. Ìyẹ́sí ni, a ó sì fi ìyẹ́sí dá a padà. Mo ní “Alláh yihallíìk,” mo tún na owó náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbà á.

Gbogbo èyí kò sí fún ibi gbogbo. Ilé oògùn, ilé ìtajà ńlá, oníbúrẹ́dì àti olóúnjẹ kì í nájà, ìsọ̀ tó bá sì ní “min géèr fisáàl”, láìsí nínájà, ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé lẹ́yìn Al-Ásíhárì, a lè rọra béèrè “Fíì hásm?”, ṣé ẹ máa ń yọ díẹ̀ kúrò? Iye tí wọ́n bá yọ náà ni. Èdè Káírò ni mo sì ń sọ. Ní Mòrókò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè iye owó yàtọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà tàbí Mẹ̀dínà lè gbé “bikáàm” àti “gáàlì” dání láìsí ìyọnu, wọn yóò gbọ́ ọ. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá ilé kéú nìkan lè ní “bikám hásà”. Ó máa ń dún bí ẹni tó ń ka ìwé, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Bàbá náà ká gàlàbíyà náà, ó fi fìlà sáàárín, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. “Mabrúùk,” ni ó wí, ẹ kú oríire. “Alláh yibáàrik fíìk,” ni mo fi dáhùn, Ọlọ́run á bùkún fún yín náà. Mo ti ń lọ nígbà tí ó tún pè mí, ó ṣe àdúrà aṣọ tuntun tí wọ́n máa ń ṣe: “Tidawwíbhà fi áráà el-áfyà.” Kí o lò ó títí yóò fi gbó, nínú òógùn àlàáfíà.